Ìkọ́kọrẹ́ orí YouTube: ibo gan-an ló yẹ kí kámẹ́rà súnmọ́?

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, oúnjẹ ilé wa ni mò ń sè sórí YouTube. Fídíò ìkọ́kọrẹ́ mi gùn tó ìṣẹ́jú 12. Nígbà tí mo wo ìlà àwọn tó ń wò ó, mo rí i pé ó ga sókè níbi mẹ́ta: 1:40, 6:45 àti 10:50. Ṣé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí n tún yà, kí kámẹ́rà súnmọ́ ọn, kí n sì jẹ́ kó lọ́ra? Mo ti fi àwòrán ìlà náà àti fídíò ránṣẹ́ sí yín.”

Rárá o, àbúrò. Nínú mẹ́ta yẹn, ọ̀kan péré ni èmi máa gbé kámẹ́rà súnmọ́. Màá sì fi ibì kan kún un, níbi tí ìlà rẹ kò ti ga rárá. Mo wo fídíò rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo gbé àwòrán ìlà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ka gbogbo ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe kà á rèé.

Ìlà tí YouTube Studio pè ní “Key moments for audience retention” kì í ṣe ìlà ìfẹ́. Iye ìgbà tí wọ́n wo ibì kọ̀ọ̀kan ló ń kà, tó sì ń fi wé iye àwọn tó ṣí fídíò náà. Ká ní èèyàn 100 ló ṣí i, tó sì jẹ́ pé 34 ló ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó dé 6:30, orí 34 ni ìlà máa wà. Bí méje nínú àwọn 34 yìí bá fà á padà sẹ́yìn, tí wọ́n tún ibì kan náà wò, ìlà á gòkè sí 41 níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí àlejò tuntun kankan tó wọlé. Ṣùgbọ́n bí èèyàn méje tó ti fo ohun tó ṣáájú ibẹ̀ bá já bọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orí 41 yẹn náà ló máa gùn. Ìlà kò ní sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ fún ọ. Àárín ẹni tó fà á padà àti ẹni tó fò ó jìnnà síra gan-an: ẹni àkọ́kọ́ ń wá nǹkan tí kò rí, ẹnì kejì ń sá fún nǹkan tó sú u.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ohun tó wà ṣáájú ibi tí ìlà ti ga, tí mo ń pè ní gegele. Níbi tí wọ́n bá ti ń tún un wò, ìlà á ti máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bọ̀, á wá wú díẹ̀, á sì padà sí ibi tó yẹ kó wà tẹ́lẹ̀, bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fò dé, kòtò ló máa ṣáájú. Ìlà á ṣubú wọ kòtò, á wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, á wá gòkè lójijì, kò sì ní tètè padà sọ̀ kalẹ̀.

Wo 10:50 tìrẹ. Láti 8:05 ni ìlà ti já bọ́ láti 32 sí 21, ó sì wà nínú kòtò yẹn títí di 10:40. Ìgbà tí o dé ìkòkò lórí iná nìyẹn, tí o wá ń sọ bí o ṣe ra ẹja ní Ọjà Olúwo àti bí ìyá ẹlẹ́ja ṣe kọ̀ láti dín owó kù. Ìtàn náà dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Àmọ́ ẹni tí ewùrà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ráyè gbọ́ ìtàn ọjà. Bí èèyàn bá fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ fídíò lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù, ìṣẹ́jú àáyá 10 ló máa fò síwájú, wọ́n á sì máa tẹ̀ ẹ́ títí tí wọ́n á fi rí ọ tí o ṣí ìkòkò. Ìdí tí ìlà fi padà sí 29 ní 10:50 nìyẹn, tó sì dúró síbẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó yẹ kó lọ́ra níbẹ̀. Kòtò tó ṣáájú rẹ̀ ló yẹ kó kúrú.

Ohun tó ká mi lára ni pé inú kòtò yẹn gan-an, ní nǹkan bí 8:20, lo ti sọ gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo sísè náà: pé kí wọ́n dín iná kù, kí wọ́n má sì fi ṣíbí kan án títí tí kókó ewùrà á fi jinná. Àwọn tó fò kò gbọ́ ọ. Ó sì ti wà nínú ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò: ẹnì kan ní tòun dà bí ẹ̀kọ gbígbóná, òmíràn ní òun ò rí kókó kankan nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ṣíbí rò ó pọ̀ ni. Gbé gbólóhùn yẹn kúrò níbẹ̀, sọ ọ́ kí o tó gbé ọmọrí lé ìkòkò, nígbà tí ojú wọn ṣì wà lára ọwọ́ rẹ.

Ní 1:40, ó yé mi pé wọ́n fà á padà lóòótọ́, torí ìlà wà ní 58, ó gun 64, ó sì padà sí 57, kò sí kòtò kankan ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí ló dà wọ́n láàmú níbẹ̀, kì í ṣe ojú. Bí mo ṣe mọ̀ ni pé mo pa ohùn fídíò náà, mo wo ibẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà mo dojú fóònù bolẹ̀, mo kàn gbọ́ ọ. Láìsí ohùn, mo rí ewùrà, ìgò epo pupa, ata rodo, tàtàṣé, edé, pọ̀nmọ́ àti ẹja gbígbẹ lórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Nígbà tí mo wá ń gbọ́ ohùn nìkan, mo gbọ́ bílẹ́ńdà tó ń kùn lẹ́yìn rẹ, o sì ka ìwọ̀n epo àti iye ata bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè. Bó o bá gbé kámẹ́rà súnmọ́ ìgò epo títí tó fi kan ìgò, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni iye tí o dà sínú ọbẹ̀. Kọ ìwọ̀n rẹ̀ sójú fídíò, kí ó dúró pẹ́ tó kí èèyàn kà á tán lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì tún tò ó sínú àlàyé tó wà lábẹ́ fídíò.

Bó o bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, gegele yẹn á relẹ̀. Má jẹ́ kó bà ọ́ nínú jẹ́. Ẹni tó dá fídíò dúró láti fi bírò kọ ohun tó rí kì í fi nǹkan kan kún ìlà, torí fídíò tó dúró kò ka ìwò tuntun. Ibẹ̀ lè wúlò fún wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ìlà sì relẹ̀.

6:45 ni iṣẹ́ wà. Ọbẹ̀ ti ń hó, o ti tọ́ iyọ̀ àti mágì wò, o wá ti ọwọ́ bọ abọ́ ewùrà rírin, o bù ú, o sì ń ju kókó sínú ìkòkò. Kámẹ́rà rẹ dúró ní òdìkejì ìkòkò, ó ga dé àyà. Nígbàkúgbà tí o bá tẹ ọwọ́ wálẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ ló ń bo kókó náà, oru ọbẹ̀ sì ń bo ìyókù. Lẹ́yìn kókó kejì, o gé fídíò, ohun tí a tún rí ni pé abọ́ ti ṣófo. Bí kókó ṣe tóbi tó, bí ó ṣe jìnnà síra nínú ìkòkò, bí ọbẹ̀ ṣe ń hó tó nígbà tó já bọ́ sínú rẹ̀, bóyá ó rì ni àbí ó léfòó: kò sí ìkankan tí ojú rí. Ìdí nìyẹn tí ìlà fi kúrò ní 34, tó gun 41, tó sì padà sí 33. Nínú àwọn tó ṣì ń wò nígbà yẹn, bí ẹni pé ọ̀kan nínú márùn-ún ló tún un wò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ka gegele lódì rèé. Wọ́n á wo téńté rẹ̀, wọ́n á ní ohun tó ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀ ni àwọn èèyàn fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ronú nípa ohun tí ẹni náà ṣe. Nǹkan kan bọ́ mọ́ ọn lójú ní 6:48, nígbà tí o gé fídíò. Ó gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó fura. Ó wá tẹ fóònù, ó padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí 20, ó sì wò ó bọ̀ títí ó fi kọjá ibi tó kọsẹ̀. Nítorí náà, gegele máa ń bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìṣòro, ó sì máa ń parí ní kété tí ìṣòro bá kọjá. Apá ọ̀tún rẹ̀, níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀, ni kí o máa wò. Nínú tìrẹ, gegele bẹ̀rẹ̀ ní 6:33, nígbà tí o ṣì ń ro epo pọ̀ mọ́ ata. Bó o bá tẹ̀lé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, epo lo máa lọ yà nítòsí.

Má sì retí pé ìlà yìí á tọ́ka sí ìṣẹ́jú àáyá kan pàtó. Dátà rẹ̀, bí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe ń fà á jáde láti ọ̀dọ̀ YouTube, ọ̀nà 100 ló pín fídíò sí, ó gùn tàbí ó kúrú. Fídíò ìṣẹ́jú 12 yóò fún ọ ní ìpín kan fún ìṣẹ́jú àáyá méje àti díẹ̀. Fídíò tó gùn ní wákàtí kan á burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà á mú ọ dé àdúgbò, ìwọ lo máa fi ojú ara rẹ wá ilé.

Ó wá kan ibì kan tí o kò béèrè. Wo ìlà rẹ láti 5:00 sí 5:40. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí 39. O lè rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, àmọ́ ìlà fídíò sísè kì í tẹ́ lásán, wíwálẹ̀ ló máa ń wálẹ̀, torí àwọn èèyàn ń kúrò ní díẹ̀díẹ̀. Ṣáájú ibẹ̀, láti 4:00, ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti 44 sí 39 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ibẹ̀, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ó yẹ kó ti pàdánù bíi mẹ́ta láàárín 5:00 àti 5:40. Bí kò bá pàdánù wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí àwọn kan ṣe ń lọ ni àwọn tó fà á padà ń dí àyè wọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kò tó nǹkan tí èèyàn á fi búra. Ǹ bá má kà á sí, bí kì í bá ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé o rin ewùrà tán, o fọwọ́ gbé e sókè, o ní, “Bó ṣe yẹ kó ki nìyẹn,” o sì lọ. Gbogbo ẹni tó bá ti se ìkọ́kọrẹ́ rí mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Omi inú ewùrà pọ̀ ju ti iṣu lásán lọ, kì í sì í ṣe bákan náà láti orí ìkan sí ìkejì. Èyí tó bá ṣàn jù, bó bá ti kan ọbẹ̀ báyìí ló máa tú, kókó ò ní sí. Mẹ́rin nínú àwọn tó kọ̀wé sí ọ ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí: “tèmi yọ́ mọ́ ọbẹ̀,” “ṣé omi ni kí n fi sí i?” Fojú inú wo obìnrin kan nínú wọn: ẹ̀rù bà á nígbà tó rí i pé tòun ń tú nínú ìkòkò, ó sá padà sí fídíò, ó fà á sí 6:35 láti wò bóyá ọwọ́ rẹ yàtọ̀ sí tiẹ̀. Ọwọ́ kò yàtọ̀. Ewùrà inú abọ́ ló yàtọ̀, ìyẹn sì ti ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ sẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ń tún wò ni ibi tí wàhálà ti hàn sí wọn. Ó lè máà jẹ́ ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o ya kíki ewùrà nítòsí, kí o tó ya jíju kókó.

Bí màá ṣe yà á: fi ṣíbí bu ewùrà rírin, gbé e sókè lórí abọ́, dà á nù díẹ̀, kí a rí i tó so rọ̀ lẹ́nu ṣíbí kó tó já bọ́ ní òdindi. Bó o bá rí ewùrà tó ṣàn, yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè fi ojú ṣe ìdájọ́. Bó o bá ní ọ̀nà tí ìyá rẹ kọ́ ọ láti fi mú un ki, ibẹ̀ ni kí o ti fi hàn, má gbé e sí ìparí fídíò. Lẹ́yìn náà, wá sí ìkòkò. Gbé fóònù sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní ìhà òdìkejì ọwọ́ tí o fi ń ju kókó. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, kí kámẹ́rà wà lápá òsì rẹ, kó ga ju èjìká lọ díẹ̀, kó sì máa dojú kọ inú ìkòkò ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kò ní bo nǹkan mọ́. Má ki fóònù bọ inú oru. Bó bá ní ojú kámẹ́rà tó ń fa nǹkan súnmọ́, dúró lọ́ọ̀ọ́kán kí o lò ó, kí o sì máa nu ojú rẹ̀. Jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, torí ìmọ́lẹ̀ iwájú máa ń mú kí ọbẹ̀ epo kàn máa dán ni, kókó ò ní hàn. Kí etí ìkòkò àti ṣíbí wà nínú àwòrán pẹ̀lú. Bí kámẹ́rà bá súnmọ́ jù tí kókó nìkan kún ojú fóònù, kò sí ẹni tó máa mọ̀ bóyá ó tó ẹyin tàbí ó tó ẹ̀kúnwọ́.

Ní ti kó lọ́ra, jọ̀ọ́, má lo fídíò tí ń fà bí ẹni ń lá àlá. Bí kókó ṣe yára bọ́ lọ́wọ́ àti bí ọbẹ̀ ṣe ń hó wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀. Bó o bá fà á, irọ́ lo ń pa fún wọn. Ohun tó yẹ kó lọ́ra ni ọwọ́ ìgéfídíò rẹ. Ju kókó bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún láìgé e, kó jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20, kí o yọ orin kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí a máa gbọ́ bí ọbẹ̀ ṣe ń hó. Etí náà mọ iná tó pọ̀ jù.

YouTube kò ní jẹ́ kí o fi fídíò tuntun pààrọ̀ ti àtijọ́ lójú ibi kan náà. Gígé ni o lè gé e nínú YouTube Studio. Èmi á gé ọ̀rọ̀ ọjà kúrò lónìí, ṣùgbọ́n màá fi gbólóhùn 8:20 sílẹ̀ níbẹ̀, torí kò sí bí o ṣe lè gbé e síwájú nínú èyí tó ti jáde. Kí o tó gé e, ya àwòrán ìlà náà pa mọ́, torí àkókò gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ibi tí o gé máa yí padà. Lẹ́yìn náà, ya fídíò kúkúrú méjì péré, ti kíki ewùrà àti ti jíju kókó, kí o sì fi líǹkì wọn sókè pátápátá nínú ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ sábẹ́ fídíò àkọ́kọ́. O tún lè pín fídíò sí orí-orí: kọ àkókò sínú àlàyé, kó bẹ̀rẹ̀ láti 0:00, kó tó mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó ìṣẹ́jú àáyá 10. Ó máa ran àwọn tó ń sè lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn lọ, wọ́n á máa já bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ orí kọ̀ọ̀kan, gegele á sì yọ níbẹ̀ tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú àìríran. N kò ní fi orí-orí sí i kí n tó ka ìlà rẹ̀ dáadáa tán.

Iye àwọn tó wò ó náà ṣe pàtàkì. Fídíò rẹ ti tó 600 ìwò, nítorí náà méje nínú ọgọ́rùn-ún tó nǹkan bí 40 ìgbà tí wọ́n tún un wò. Ó tó kí n gbà á gbọ́. Bó bá jẹ́ 100 ìwò péré ni, méje yẹn lè jẹ́ ọwọ́ obìnrin kan ṣoṣo tó ń sè, tó sì ń fà á padà ní gbogbo ìgbà. Ìlà yìí ò mọ ẹni. Ó sì máa ń gba ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó bá àwọn ìwò tuntun dọ́gba, nítorí náà má sáré wò ó ní ọjọ́ tí fídíò jáde. Ti àwọn fídíò kéékèèké tí ń yí po fúnra wọn, má fi wé èyí rárá. Wọ́n lè kọjá 100 kìkì nítorí pé fídíò tún bẹ̀rẹ̀ kí ẹni náà tó gbé ọwọ́.

Nígbà tí fídíò tuntun bá ti jáde, wo ibi jíju kókó. Bí gegele bá relẹ̀, tí “tèmi yọ́” sì dáwọ́ dúró, o ti rí i mú. Bí gegele bá ṣì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò ráhùn mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwọ àti ẹni tó ń wò jọ ń sè é ni: ó ju ẹyọ kan, ó fi ìka ọwọ́ tí kò ní ewùrà tẹ fóònù padà, ó ju òmíràn. Fi ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà.